Àbọ̀: kókó ìhà ajá mi

Mo bèèrè: “Kókó rírọ̀ kan wà ní ìhà ajá mi. Ṣé ọ̀rá lásán ni?”

Ẹ ṣé o. Dókítà ẹran l'Ákùúrẹ́ gún un lábẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì. Wọ́n fi ohun tó jáde sórí gíláàsì. Ti àkọ́kọ́ ń dán bí epo, kò gbẹ. Mo ti ń yọ̀ pé ọ̀rá ni. Dókítà ní ọ̀rá abẹ́ awọ ara lè bo jẹjẹrẹ mọ́lẹ̀, wọ́n sì gún un jìn sí i. Gíláàsì kejì, lẹ́yìn tí wọ́n rẹ ẹ́ láró: sẹ́ẹ̀lì roboto tó kún fún wóró-wóró aláwọ̀ àlùkò. Jẹjẹrẹ sẹ́ẹ̀lì máàsìtì ni, irú sẹ́ẹ̀lì kan tó ń gbèjà ara!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní “ó rọ̀, ọ̀rá ni”, èyí náà máa ń rọ̀.

Wọ́n ti gé e. Bó ṣe le tó, abẹ́rẹ́ ò lè sọ ọ́ dájú. À ń retí èsì ẹran tí wọ́n gé.