Ọ́pṣọ̀n lórí fíúṣọ̀sì epo rọ̀bì: ṣé ibẹ̀ ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ayọ̀_Húsítìn:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń ta púùtù lórí ṣéà, ìyẹn ni pé mo ń gba owó, ẹni tó bá rà á lọ́wọ́ mi sì lè ta ṣéà fún mi ní iye àdéhùn, mi ò tíì fara pa rí. Mo wá fẹ́ ta ọ̀kan lórí fíúṣọ̀sì epo rọ̀bì (CL), ìyẹn àdéhùn láti ra epo fún oṣù kan tó ń bọ̀, púùtù Dìsẹ́ńbà tí iye àdéhùn ẹ̀ jẹ́ 55, wọ́n ń san 0.70. $12,000 ló wà nínú àkáǹtì mi. Ṣé epo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀ ni àbí S&P? Kí ló sì yàtọ̀ sí ti ṣéà tí mo ti mọ̀? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá_Aláṣọ:
Ọmọ mi sá fún nǹkan yìí o. Ọ́pṣọ̀n yìí náà ni ọmọ àbúrò mi ń ṣe lórí fóònù, ó ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni, á kàn tẹ òkè tàbí ilẹ̀, ₦400,000 ló bá a lọ, ìyàwó ẹ̀ ò tíì bá a sọ̀rọ̀ dáadáa títí di òní.

Délé_Àtìláńtà:
Mọ́mì, bínárì nìyẹn, ìyẹn ò yàtọ̀ sí tẹ́tẹ́. Eléyìí ọjà gidi ni, ní CME, ọjà fíúṣọ̀sì ti Ṣikágò.

Ayọ̀, èmi ń ta ti S&P. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ọ́pṣọ̀n fíúṣọ̀sì ni pé owó ni wọ́n fi ń yanjú gbogbo ẹ̀, kò sí pé wọ́n ń gbé ṣéà ọgọ́rùn-ún kà ẹ́ lórí. Èyí tí mo ní tó kú ní Sẹ̀tẹ́ńbà, owó lásán ló wọ àkáǹtì mi, ó parí. Ta epo ẹ jàre.

Bàbá_Tóyìn:
Ayọ̀, dáwọ́ dúró ná. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ẹ̀yìn tábìlì bírókà ní Ṣikágò, àwa la máa ń pe oníbàárà tó bá jí láàárọ̀ tí kò mọ ohun tó wà nínú àkáǹtì ẹ̀, mo mọ bí ohùn wọn ṣe máa ń rí.

Wo 0.70 yẹn. Ti ṣéà ti mọ́ ẹ lára, ìgbà ọgọ́rùn-ún lo máa ń sọ ọ́, ìyẹn $70. CL kan, àgbá epo 1,000 ni, torí náà $700 ló máa wọlé. Ó dùn létí àbí? Bó ṣe wọlé náà ló ṣe máa jáde o, tí àgbá epo bá fi dọ́là kan wálẹ̀ sí abẹ́ 55, $1,000 ló ń jáde lọ́wọ́ ẹ. Púùtù 55 lórí ṣéà, tí wọ́n bá gbé e fún ẹ, $5,500 lo fi máa gbà á, o ní in. Eléyìí, epo $55,000 lo fẹ́ dúró fún pẹ̀lú $12,000. Májìnì, owó ìdógò tí bírókà máa kọ síwájú ẹ, máa kéré gan-an sí ìyẹn, ohun tó sì ń tan èèyàn nìyẹn, ó máa dà bíi pé ó gba méjì mẹ́ta.

Ìkejì, ìgbà wo lo rò pé púùtù Dìsẹ́ńbà yẹn máa kú?

Ayọ̀_Húsítìn:
Fúráìdè kẹta nínú Dìsẹ́ńbà ńkọ́ sà? Ọjọ́ 19.

Bàbá_Tóyìn:
Hẹn-ẹn. Mọ́ńdè ọjọ́ 17 oṣù Nòfẹ́ńbà ni.

Orúkọ oṣù tó wà lára ẹ, ti fíúṣọ̀sì ni, kì í ṣe ti ọ́pṣọ̀n. Epo Dìsẹ́ńbà ni epo tí wọ́n máa gbé fúnra wọn nínú oṣù Dìsẹ́ńbà, nítorí náà òwò fíúṣọ̀sì ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti parí ṣáájú. Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ 25 oṣù tó ṣáájú ni fíúṣọ̀sì fi ń parí, ìyẹn bọ́ sí Tọ́sìdè ọjọ́ 20 Nòfẹ́ńbà lọ́dún 2025. Ọ́pṣọ̀n ẹ̀ náà tún fi ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta ṣáájú ìyẹn kú. Ka á sẹ́yìn fúnra ẹ, Wẹ́sìdè, Túsìdè, Mọ́ńdè. Ẹni tó bá ń fi Fúráìdè kẹta wò ó máa rò pé òun ṣì ní oṣù kan gbáko nígbà tí nǹkan ti kú lọ́wọ́ òun.

Ó wá ku ohun tí Délé sọ. Òótọ́ ni fún tiẹ̀, kì í ṣe fún epo.

Délé_Àtìláńtà:
Bàbá, mo ní owó ló wọ àkáǹtì mi, mi ò purọ́ o.

Bàbá_Tóyìn:
O ò purọ́. Ti Sẹ̀tẹ́ńbà tó o ní, ti mẹ́rin-lọ́dún ni, Máàṣì, Júùnù, Sẹ̀tẹ́ńbà, Dìsẹ́ńbà. Àárọ̀ Fúráìdè kẹta tí ọ́pṣọ̀n yẹn ń kú náà ni fíúṣọ̀sì tó wà nídìí ẹ̀ ń kú, owó ni wọ́n sì fi ń yanjú fíúṣọ̀sì S&P, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ owó lo rí. Àmọ́ lọ ta ti ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo kó o wò ó. Ní aago mẹ́ta ọ̀sán Fúráìdè ní Ṣikágò, tí ọjà bá wà lábẹ́ iye àdéhùn púùtù ẹ, fíúṣọ̀sì ni wọ́n máa gbé lé ẹ lọ́wọ́. Ọjà ń tì ní aago mẹ́rin, kò sì ní ṣí títí di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè. Tó o bá ti lọ síbi òkú ìyá ọ̀rẹ́ ẹ lọ́jọ́ náà ńkọ́?

Ti epo le ju ìyẹn lọ. Ọ́pṣọ̀n máa di fíúṣọ̀sì, fíúṣọ̀sì tí o ò bá sì tà máa di epo gidi ní Kọ́ṣìn, ní Òkìláhómà, nínú páìpù àti táǹkì.

Ká wá fi ti Ayọ̀ ṣe é. Ká ní epo Dìsẹ́ńbà parí sí 53 lọ́jọ́ Mọ́ńdè yẹn. Ẹni tó ra púùtù lọ́wọ́ ẹ máa lò ó. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn wọ́n máa kọ fíúṣọ̀sì kan sínú àkáǹtì ẹ, wọ́n rà á fún ẹ ní 55. Kò sẹ́ni tó máa ní kó o mú $55,000 wá. Ṣùgbọ́n 53 ni ọjà wà, nítorí náà $2,000 máa jáde lójú ẹsẹ̀, owó gidi o, kì í ṣe èyí tí wọ́n kàn kọ sórí ìwé. Yọ $700 tó o ti gbà, $1,300 lo ti pàdánù títí débẹ̀. Ta fíúṣọ̀sì yẹn láàárọ̀ Túsìdè, ó tán. Tí ọkàn ẹ bá wá sọ pé "jẹ́ kí n dúró, á padà gòkè", bó o ṣe máa ń ṣe pẹ̀lú ṣéà tó o bá gbà á, ọjọ́ mẹ́ta ló kù fún ẹ. Ṣéà lè dúró lọ́wọ́ ẹ ọdún márùn-ún. Fíúṣọ̀sì yìí ò lè dúró dé ọjọ́ Fúráìdè.

Ìléṣà_Bọ́ọ̀yì:
Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Épírì 2020 ni. Mo ta púùtù 20 lórí epo Méè. Tọ́sìdè ọjọ́ 16 ni ọ́pṣọ̀n kú, epo parí sí $19.87. Sẹ́ǹtì mẹ́tàlá péré ló fi wà lábẹ́ 20, $130, mo tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín ni. Fíúṣọ̀sì wọ àkáǹtì mi ní 20, mo ní màá dúró títí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, epo kì í pẹ́ nísàlẹ̀. Fúráìdè, bírókà mi (ẹ máà bi mí lórúkọ) kọ̀wé pé àwọn ò gba kí oníbàárà kéékèèké gbé e wọ ọjọ́ tó kẹ́yìn, wọ́n tà á fún mi ní 18.30. $1,700 lọ. Mo bú wọn lórí fóònù, mo bú bàbá wọn.

Mọ́ńdè ọjọ́ 20, epo Méè parí sí òdì $37.63. Ẹ fi 20 kún un, ẹ fi 1,000 sọ ọ́, $57,630. Àkáǹtì mi ò tó $9,000 nígbà yẹn. N ò padà pè wọ́n láti tọrọ àforíjì, ojú ń tì mí.

Délé_Àtìláńtà:
Ah. Kò yé mi o, ṣé púùtù mi lè di òdì bẹ́ẹ̀ ni?

Bàbá_Tóyìn:
Ọ́pṣọ̀n Méè ti kú lọ́jọ́ kẹrìndínlógún kí iye tó di òdì, àwọn tó fara gbá a ni àwọn tó ṣì di fíúṣọ̀sì mú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ba CME fún àwọn oṣù tó kù débi pé lọ́jọ́ 22 oṣù yẹn wọ́n pààrọ̀ ìṣirò tí wọ́n fi ń dá iye lé ọ́pṣọ̀n epo, torí èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ ò mọ iye tó wà lábẹ́ òdo rárá.

Ayọ̀_Húsítìn:
Ẹ ṣé gan-an sà. Tí mo bá wá ra púùtù Jánúárì láti fi bo ti Dìsẹ́ńbà tí mo tà ńkọ́? Mo máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ṣéà, oṣù tó jìnnà máa ń gbà mí.

Bàbá_Tóyìn:
Lórí ṣéà, oṣù méjèèjì, ṣéà kan náà ló wà nídìí wọn. Níbí, púùtù Jánúárì wà lórí epo Jánúárì, ti Dìsẹ́ńbà wà lórí epo Dìsẹ́ńbà, ọjà méjì ni. Ọjọ́ tí Méè parí sí òdì $37.63 yẹn, Júùnù parí sí $20.43. Ẹni tó gbára lé Júùnù pé á gba òun, ó ti rí i. Lọ́jọ́ lásán wọ́n máa ń rìn pọ̀ dáadáa, mi ò ní purọ́ fún ẹ, ṣùgbọ́n má pè é ní ìdáàbòbò bó o ṣe ń pè é lórí ṣéà.

Tó o bá fẹ́ bo nǹkan, oṣù kan náà ni kó o ti ra púùtù ìsàlẹ̀.

Délé_Àtìláńtà:
Ìmọ̀ràn tèmi báyìí, kó fi MES, fíúṣọ̀sì kékeré ti S&P, bẹ̀rẹ̀. $5 ni fún póìntì kan. Ọ́pṣọ̀n kan lórí SPY, owó àjọpò tó ń tẹ̀lé S&P, ṣéà ọgọ́rùn-ún ni, ó súnmọ́ $10 fún póìntì S&P kan, tó túmọ̀ sí pé MES kan jẹ́ ìlàjì SPY kan. ES ńlá, $50, ìlọ́po márùn-ún SPY nìyẹn, kó má súnmọ́ ọn. Kó ta púùtù kan, kó ra èyí tó fi póìntì 20 wà nísàlẹ̀ ẹ̀, ohun tó lè sọnù ò lè ju $100 lọ.

Bàbá_Tóyìn:
Mo fara mọ́ MES. Ìṣirò $100 yẹn ni mi ò fara mọ́ pátápátá. Tí ọjà bá parí sí àárín méjèèjì ní Fúráìdè, èyí tó tà máa di fíúṣọ̀sì, èyí tó rà máa kú lásán, ó wá wọ Sọ́ńdè pẹ̀lú MES kan láìsí nǹkan kan tó bo ó. Àfi kó tì í kí aago mẹ́ta tó lù.

Délé_Àtìláńtà:
Bàbá, ìgbà mélòó nìyẹn ń ṣẹlẹ̀? Èmi ò tíì rí i rí.

Bàbá_Tóyìn:
Ìwọ náà tó o ò mọ̀ pé fíúṣọ̀sì ló ń wọlé?

Ìyá_Aláṣọ:
😂😂 Ẹ má jà o. Ṣùgbọ́n Ayọ̀, epo ti Nàìjíríà ńkọ́, ṣé kì í ṣe ìyẹn lò ń tà?

Ìléṣà_Bọ́ọ̀yì:
Rárá Mọ́mì, ti Tẹ́ksáàsì àti àdúgbò ẹ̀ ni CL. Bírẹ́ǹtì ni wọ́n fi ń díwọ̀n iye epo tiwa, ìyẹn wà ní ICE ní Lọ́ńdọ̀nù, òfin tiẹ̀ tún yàtọ̀. Níbẹ̀, wọn kì í san prímíọ̀mù, owó tí wọ́n fi ra ọ́pṣọ̀n, lẹ́ẹ̀kan náà ní ìbẹ̀rẹ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣírò ẹ̀ bíi fíúṣọ̀sì.

Ayọ̀_Húsítìn:
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ojú ìwé ẹ̀ lórí pẹpẹ bírókà mi, ohun tí wọ́n kọ nìyí, ó ti wà níbẹ̀ látìgbà yìí, èmi ni mi ò wò ó:

```
LOZ5 P55
Underlying: CLZ5
Multiplier: 1000
Last trade: 17 Nov 2025
```

Mo ti pa ọ́dà yẹn rẹ́. MES ni màá wò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá sì fi aago sí fóònù fún aago méjì ààbọ̀ ọjọ́ Fúráìdè. Bàbá Tóyìn, aago Ṣikágò ni àbí ti Húsítìn?

Bàbá_Tóyìn:
Ọ̀kan náà ni wọ́n. Délé ló máa fi wákàtí kan kún un.