Báwo ni mo ṣe lè fi ara mi hàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30 láì to orúkọ ipò iṣẹ́ lẹ́sẹẹsẹ?

Oníkéréètì, Kétù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ìpàdé àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti àwọn onímọ́tò akẹ́rù yóò wáyé ní gbọ̀ngàn kan ní Oníkan lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n sì ti sọ fún wa pé ìṣẹ́jú àáyá 30 péré ni ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò ní láti fi ara rẹ̀ hàn ẹni tó bá dúró tì í. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ nìyí: «Orúkọ mi ni Àbẹ̀kẹ́. Èmi ni olùdásílẹ̀ àti olùdarí ilé-iṣẹ́ kan tó ń mójú tó ẹrù oúnjẹ. Mo ti ṣe akọ̀wé owó rí, mo ti ṣe alábòójútó ilé ìpamọ́ ẹrù, mo sì jẹ́ olùdámọ̀ràn fún àwọn àgbẹ̀.» Mo kà á fún ọkọ mi, ó ní ó dára, ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi í léèrè ohun tó rántí nínú rẹ̀, «olùdarí» nìkan ló rí sọ.

Iṣẹ́ mi gan-an ni pé mo ń yá àwọn tó ń kó tòmátì láti Kánò wá sí Máìlì 12 ní kéréètì oníke, dípò apẹ̀rẹ̀ tó ti mọ́ wọn lára. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni kí n ṣe sọ ọ́ tí ẹni tó gbọ́ ọ yóò fi rántí mi?

Ìyá Ìbejì, Sùúrùlérè

Àbúrò mi, ẹ má ṣe yọ orúkọ ipò yín kúrò o. Nígbà tí ọmọ mi ń wá iṣẹ́ sí báńkì, ipò tó ti dì mú àti iye ọdún tó lò níbẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ wò nínú ìwé rẹ̀. Ẹ tò ó láti orí èyí tó kẹ́yìn lọ sí èyí tó ṣáájú, kí ẹ sì fi ìwé ẹ̀rí yín tì í lẹ́yìn.

Akéwì Múṣin

Èmi yóò ní kí ẹ fi oríkì bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ké ìlà méjì péré nínú oríkì ìdílé yín, gbogbo ọrùn ni yóò yí sí ọ̀dọ̀ yín, kò sì sí ẹni tí yóò gbàgbé obìnrin tó fi ohùn bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láàárín àwọn tó ń pín káàdì.

Olùkọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, Yábàá

Ìyá Ìbejì, ìwé ìwáṣẹ́ ni ìmọ̀ràn yín bá mu, mà. Ẹni tó ń ka ìwé lè padà sí ìlà tó ti kọjá, ṣùgbọ́n ẹni tó dúró pẹ̀lú ife lọ́wọ́ láàárín ariwo kò ní àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Akéwì tọ̀nà dé ààyè kan, nítorí pé oríkì yóò mú kí wọ́n yíjú lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá ti parí, ohùn yín ni wọn yóò rántí, wọn kò ní mọ ìṣòro tí wọn yóò fi wá yín wá.

Arábìnrin Oníkéréètì, ohun tó jẹ́ kí ọkọ yín gbàgbé ni pé kò sí nǹkan kan tí ojú inú lè rí nínú «olùdarí», «alábòójútó» àti «olùdámọ̀ràn». Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń dun oníbàárà yín. Kò sí ẹni tó ń ná ọjà Máìlì 12 tí kò tíì rí omi tòmátì tó ń kán lábẹ́ ọkọ̀. Ẹ̀yin sì mọ ohun tó fà á ju èmi lọ: apẹ̀rẹ̀ rọ̀, nítorí náà ẹrù tó wà lókè yóò máa tẹ tòmátì ìsàlẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà tó tó nǹkan bí 1,000 kìlómítà, nígbà tó jẹ́ pé ògiri kéréètì ló ń ru kéréètì tó wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lẹ́ẹ̀kan lè tún un sọ fún ẹlòmíràn, ohun tí ẹ sì ń wá gan-an nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú oníbàárà kan ṣoṣo, kí ẹ sọ ohun tó yí padà fún un. Ẹ má ṣe sọ pé ẹ ń ran àwọn oníṣòwò lọ́wọ́ láti tẹ̀ síwájú, torí pé onítẹ́tẹ́ náà lè sọ bẹ́ẹ̀. Kí ẹ wá fi ìbéèrè tí ẹni náà lè dáhùn láti inú òwò tirẹ̀ parí rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ lè bọ́ sí i lẹ́nu.

Ní ti gígùn rẹ̀, nǹkan bí ọ̀rọ̀ 80 sí 90 ló ń wọ inú ìṣẹ́jú àáyá 30 bí ènìyàn kò bá sáré. Ẹ kà á sókè, kí ẹ fi agogo fóònù wọ̀n ọ́n, nítorí pé kíkà sínú máa ń yá ju sísọ lọ. Ẹ wá sọ ọ́ fún ẹnì kan tí kò mọ nǹkan kan nípa òwò tòmátì, ẹ jẹ́ kí ó lọ jẹun, kí ó sì padà wá sọ ọ́ fún ẹlòmíràn lójú yín. Ohun tó bá fò ni kí ẹ yọ. Gbólóhùn àkọ́kọ́ àti ìbéèrè ìparí nìkan ni kí ẹ há sórí. Bí ẹ bá há gbogbo rẹ̀, ojú ẹni tó ń gbọ́ yóò ti kúrò lára yín kí ẹ tó dé ìdajì.

Agbẹjọ́rò, Ìkòyí

Olùkọ́, òfin iṣẹ́ wa kò gbà mí láyè láti sọ ọ̀rọ̀ oníbàárà síta. Ẹjọ́ ilẹ̀ láàárín àwọn ọmọ bàbá kan náà ni mo máa ń ṣe. Oníbàárà wo ni kí n wá mú?

Olùkọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, Yábàá

Ẹ mú irú ìjà náà, ẹ fi ẹni tó jà á sílẹ̀, sà. «Bí bàbá bá kú láì kọ ìwé ìhágún, tí ìyàwó méjì sì ń gbé inú ọgbà kan náà, èmi ni wọ́n máa ń pè kí wọ́n tó pe ọlọ́pàá.» Kò sí àdúgbò, kò sí orúkọ, kò sì sí ọdún níbẹ̀.

Oníkéréètì, Kétù

Mo dúpẹ́ gan-an ni. Mo ti tún un kọ báyìí:

«Ẹ káàsán o. Ṣé ẹ ti rí omi tòmátì tó máa ń kán lábẹ́ ọkọ̀ ní Máìlì 12? Inú apẹ̀rẹ̀ ni èyí tó wà lókè ti tẹ èyí tó wà nísàlẹ̀ fọ́. Kéréètì oníke ni mo ń yá àwọn oníṣòwò, kí kéréètì lè ru ẹrù, kí tòmátì má ru nǹkan kan. Oníbàárà mi kan máa ń ta ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní owó ẹ̀ṣà. Ní báyìí, owó tòmátì líle ló ń gbà lórí rẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ Oníkéréètì ni wọ́n ń pè mí. Kí ni ẹ̀yin fi ń kó ọjà tiyín wọ Èkó?»

Àbúrò mi obìnrin tó ń ran aṣọ ni mo sọ ọ́ fún. Nígbà tó tún un sọ fún ìyá wa, ó rántí omi tó ń kán àti ọ̀rọ̀ pé kéréètì ló ń ru ẹrù, ṣùgbọ́n ó gbàgbé oníbàárà yẹn pátápátá. Ó ń ṣe mí bíi pé kí n má yọ ọ́.

Olùkọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, Yábàá

Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Aránṣọ kò mọ iye tí ẹ̀ṣà fi dín, ṣùgbọ́n àwọn tí ẹ óò bá ní Oníkan mọ̀ ọ́n. Ìdánwò yẹn wúlò jù fún gbólóhùn tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ gbọ́.

Alàgbà Onímọ́tò, Apápá

Ọ̀rọ̀ náà dára, àmọ́ kò tọ́ lójú mi kí ọmọdé dúró níwájú àgbà, kí ó bi í ní ìbéèrè kí ó tó sọ orúkọ rẹ̀. Kí ó kí wọn, kí ó sọ orúkọ, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn.

Olùkọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, Yábàá

Bàbá, ìdí tí mo fi fẹ́ràn orúkọ ní ìparí ni pé ariwo máa ń gbé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ mì, orúkọ ẹni tí a kò sì tíì mọ ohun tó ń ṣe kì í dúró létí. Bí ó bá jẹ́ àgbà ló wà níwájú rẹ̀, ó lè sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀ kí ó sì tún un sọ ní ìparí.

Alàgbà Onímọ́tò, Apápá

Ẹ̀ẹ̀mejì, ó dáa, ṣùgbọ́n ti ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ni tèmi. Ìyá oníkéréètì, apẹ̀rẹ̀ ni àwọn awakọ̀ mi ṣì ń kó. Bí a bá sọ ẹrù kalẹ̀ tán ní Máìlì 12, ta ni yóò san owó ọkọ̀ tí yóò dá kéréètì òfìfo padà sí Kánò?