Ìmọ̀ràn: ilé ká-máa-gbé-ká-tó-rà ní Kẹ́ńtì, bí a kò bá lè parí owó ńkọ́?

Màmá Ìbejì: Ẹ kú ilé o. Lándílọ́ọ̀dù wa ní Kẹ́ńtì, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ní ká máa gbé ilé òun fún ọdún mẹ́ta, ká wá rà á ní pọ́n-ùn 240,000. A ó kọ́kọ́ san 8,000 fún ẹ̀tọ́ àtirà, tí yóò wà lára iye ilé. Rẹ́ǹtì á jẹ́ 1,300 lóṣù, yóò sì máa ka 250 nínú rẹ̀ mọ́ iye ilé. Bí báńkì ò bá yá wa lówó lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí owó wa? Kí lẹ rí sí i?

Akin Mẹ́dúwéè: Ẹ má fòyà, mà. Ọjọ́ 30 ni òfin fún lándílọ́ọ̀dù láti fi dìpọ́síìtì sábẹ́ ètò tí ìjọba fọwọ́ sí. Tí ẹ bá ń jáde, wọ́n á dá a padà. 8,000 yẹn ò lè sọnù.

Bọ̀dá Táíwò: Bọ́ọ̀sì ni àbúrò mi gbà ní Ìbàdàn tó ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ti san kọjá ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún kí ọwọ́ rẹ̀ tó gbẹ. Olówó ọkọ̀ fẹ́ wá wọ́ ọ lọ, lọ́yà ní kò lè fọwọ́ kàn án láìgba kọ́ọ̀tù. Ẹ ṣáà rí i pé ẹ san kọjá ìdajì.

Àǹtí Dúpẹ́: Ẹ̀gbọ́n Táíwò, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ òfin ọkọ̀ Nàìjíríà nìyẹn, kò kan ilé níbí. Akin, dìpọ́síìtì rẹ́ǹtì ni òfin ọjọ́ 30 ń dáàbò bò. 8,000 Màmá yàtọ̀. Ó fi ń ra ọdún mẹ́ta tí lándílọ́ọ̀dù ò fi ní ta ilé fún ẹlòmíràn ni, bí ọdún yẹn bá sì ti lọ, owó ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán.

Iṣẹ́ ìwé ilé ni mò ń ṣe ní ọ́fíìsì lọ́yà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ jẹ́ ká ṣírò. 250 fún oṣù 36 jẹ́ 9,000. Tí a bá fi 8,000 kún un, ó di 17,000. Bí ọjọ́ bá pé tí ẹ ò kọ̀wé pé ẹ ń rà, ẹ̀tọ́ yín parí, 17,000 sì lọ, àyàfi tí ìwé àdéhùn bá ní kí wọ́n dá nǹkan padà. Ó dunni, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè pè yín lẹ́jọ́ pé ẹ ò rà.

Ibi tí mo ti ń rí ẹkún ni kéèyàn kọ̀wé pé òun ń rà nígbà tí báńkì ò tíì fọwọ́ sí i. Látìgbà tí ìwé yẹn bá ti dé ọwọ́ lándílọ́ọ̀dù, ó ti di ríra àti títà. Lábẹ́ àdéhùn tí ọ̀pọ̀ lọ́yà ń lò, tí owó ò bá wá lọ́jọ́ tó yẹ, yóò fún yín ní ọjọ́ iṣẹ́ 10. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ó lè gba ìdá mẹ́wàá iye ilé, ìyẹn 24,000. Bó bá jẹ́ 8,000 nìkan ni ìwé kà sí dìpọ́síìtì, yóò ní kẹ́ ẹ mú 16,000 wá kún un. Ká ní ó wá ta ilé náà ní 205,000, ó pàdánù 35,000. Yóò yọ 24,000 yín, á sì tún béèrè 11,000 tó kù lọ́wọ́ yín.

Akin Mẹ́dúwéè: Háà! Adájọ́ ò lè ṣàánú wọn bí wọ́n bá fi ọjọ́ kan péré pẹ́?

Àǹtí Dúpẹ́: Ọjọ́ kan kẹ̀? Ní Họ́ngì Kọ́ngì, lọ́dún 1991, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni àdéhùn sọ. Ẹni tó gbé owó wá fi ìṣẹ́jú 10 pẹ́. Dìpọ́síìtì 420,000 dọ́là Họ́ngì Kọ́ngì lọ, ilé náà sì lọ. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù, àwọn adájọ́ àgbà ní 1997 sì ní bẹ́ẹ̀ ni kó rí. Kọ́ọ̀tù lágbára láti dá dìpọ́síìtì padà níbí, àmọ́ mi ò ní gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ṣadé Lúútọ́ọ̀nù: Báńkì tèmi ka owó tí wọ́n ń yọ nínú rẹ́ǹtì mi mọ́ iye ilé sí dìpọ́síìtì mi. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dẹ́rù bà yín.

Àǹtí Dúpẹ́: Àwọn kan ń kà á, àwọn kan kì í kà á, pàápàá tí rẹ́ǹtì kò bá ju ti àdúgbò lọ. Ẹ bi báńkì kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé. Ẹ tún ní kí lándílọ́ọ̀dù kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé, bí báńkì bá kọ̀, ẹ lè san owó díẹ̀ láti fi oṣù mẹ́fà kún ọdún mẹ́ta yẹn.

Màmá Ìbejì: Ẹ ṣeun gan-an. Lándílọ́ọ̀dù ní òun ṣì jẹ báńkì ní gbèsè lórí ilé náà. Ṣé ìyẹn kàn wá?

Àǹtí Dúpẹ́: Ó kàn yín gan-an, mà. Tí kò bá san gbèsè rẹ̀, báńkì lè ta ilé náà mọ́ yín lórí, ẹ̀tọ́ yín ò sì ní dí i lọ́wọ́, nítorí ẹ̀yìn gbèsè ló dé. Ẹ gba ìwé ìfọwọ́sí báńkì rẹ̀. Kí lọ́yà yín sì fi fọ́ọ̀mù UN1 kọ ẹ̀tọ́ yín sínú ìwé ilẹ̀ ìjọba lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ sí i.

Màmá Ìbejì: Lọ́yà tirẹ̀ ló ní ká jọ lò.

Àǹtí Dúpẹ́: Rárá o. Ẹ wá tiyín.