Ẹ gbà mí o, tàìmùtébù ọ̀sẹ̀ méjì fún sàíkọ́lọ́jì ìdàgbàsókè ọmọ

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe kọ́ọ̀sì yìí, ìsáàmù ku ọ̀sẹ̀ méjì, mo fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ka Piaget àti Erikson, èkejì fún pásì kúẹ́ṣọ̀n. Wàhálà ibẹ̀ ni pé tí mo bá kà wọ́n lọ́jọ́ kan náà, ọjọ́ orí inú ìpele mẹ́rin ti Piaget àti mẹ́jọ ti Erikson á kàn dàrú mọ́ mi lójú. Lẹ́kíṣọ̀ wa kì í sì í ní ká to ìpele, á ní ọmọ ọdún 5 rí i tí wọ́n da omi inú ife sínú kọ́ọ̀bù tẹ́ẹ́rẹ́, ó ní omi ti pọ̀ sí i, kí nìdí? Ṣé kí n fi ọjọ́ mélòó kan sáàárín wọn ni, àbí kí n kúkú to méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn? Ṣé pásì kúẹ́ṣọ̀n ò ti pẹ́ jù lọ́sẹ̀ kejì báyìí?