Géèmù dọ́là 14.99, báwo ló ṣe gba ₦31,800 lọ́wọ́ mi?

Ọmọ Mayfair:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ilé-Ifẹ̀ ni mo wà. Géèmù kan wà lórí Steam, ibi tí wọ́n ti ń ta géèmù kọ̀ǹpútà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí mo ti ń ṣọ́ tipẹ́. Dọ́là 29.99 ni wọ́n ń tà á, wọ́n wá gé e sí ìdajì, ó di 14.99. Mo wo Gúgù, dọ́là kan jẹ́ ₦1,500, mo ṣírò rẹ̀, ó jẹ́ ₦22,485. Mo ṣí káàdì dọ́là lórí áàpù kan, mo rọ owó sí i, mo sì ra géèmù náà. Ìgbà tí mo wo àkáǹtì mi, ₦31,800 ló ti jáde. Níbo ni ₦9,315 yẹn gbà lọ? Àbúrò mi náà fẹ́ ra tirẹ̀, ẹ̀dínwó yìí ò sì ní pẹ́ parí. Ṣé kó rà á báyìí ni, àbí kó dúró kí náírà lágbára díẹ̀?

Ọmọ Òkèsà:
Iye dọ́là ló fà á. Iye tí Gúgù ń gbé jáde kọ́ ni iye tí àwọn áàpù ń tà. Gbogbo owó tó lọ yẹn, inú ìyàtọ̀ yẹn ló wà. Kó dúró.

Ìyá Káfè Lágere:
Àbúrò, ká má tíì dá dọ́là lẹ́bi. Èló ni áàpù yẹn ta dọ́là kan fún ọ? Èló ni wọ́n gbà kí wọ́n tó ṣí káàdì, èló ni wọ́n gbà nígbà tí o rọ owó sí i, èló lo sì rọ sí i?

Ọmọ Mayfair:
Ẹ ṣé, mà. ₦1,590 ni wọ́n ta dọ́là kan. Wọ́n gba dọ́là 2 fún ṣíṣí káàdì, dọ́là 1 fún rírọ owó. Dọ́là 17 ni mo rọ sí i, torí mo bẹ̀rù kó má lọ dín.

Ìyá Káfè Lágere:
Ó ti yé mi. Dọ́là 20 lo rà lápapọ̀, ní ₦1,590, ìyẹn ni ₦31,800. Jẹ́ ká wá ibi tí ₦9,315 yẹn wà.

Ìyàtọ̀ ₦90 tó wà láàárín iye Gúgù àti iye áàpù, lórí dọ́là 14.99, kò ju ₦1,349 lọ. Òun ni Ọmọ Òkèsà ń sọ. Òótọ́ ni, àmọ́ òun ló kéré jù níbẹ̀. Ṣájì dọ́là 3 (ṣíṣí káàdì àti rírọ owó) jẹ́ ₦4,770. Èyí tó kù, nǹkan bí ₦3,196, kò tíì sọnù: dọ́là 2.01 tó ṣẹ́kù sínú káàdì rẹ ni. Wò ó bóyá áàpù yẹn ń gba owó ìtọ́jú káàdì lóṣooṣù. Tó bá ń gbà á, tí o kò sì lò ó, wọ́n á máa bu dọ́là yẹn jẹ títí á fi tán.

Èmi kì í fi iye Gúgù ṣírò fún àwọn oníbàárà mi. Gbogbo náírà tó jáde ni mo ń pín sí iye dọ́là tí wọ́n kọ sára géèmù. Tìrẹ, ₦31,800 pín sí 14.99, ó lé díẹ̀ ní ₦2,120. Iye tí ìwọ gan-an ra dọ́là kan nìyẹn. Ká tiẹ̀ yọ èyí tó ṣẹ́kù sínú káàdì kúrò, ó ṣì lé ní ₦1,900.

Ọmọ Òkèsà:
Ẹ ṣeun, mà. Mi ò ka ṣájì mọ́ ọn rárá.

Alátùn-ún-ṣe Ìsọ̀kun:
Kí ló dé tí ẹ ò lo káàdì náírà ti báńkì yín? Kò sí owó ṣíṣí káàdì, kò sí owó rírọ. Ọ̀fẹ́ ni.

Ìyá Káfè Lágere:
Ẹ̀gbọ́n, kò sí ṣájì rírọ owó lóòótọ́, kò sì sí owó tó máa há sínú káàdì. Àwọn báńkì kan tó ti dá a dúró láti nǹkan bí ìparí 2022 sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kó ṣiṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè padà ní 2025. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀fẹ́. Inú iye tí báńkì fi ta dọ́là fún yín ni èrè wọn wà. Ohun mìíràn ni pé lọ́jọ́ tí ẹ bá tẹ bọ́tìnì, ńṣe ni báńkì á kọ́kọ́ ya owó yẹn sọ́tọ̀. Ó lè tó ọjọ́ mélòó kan kí owó náà tó kúrò gan-an, iye ọjọ́ yẹn ni wọ́n sì lè fi ṣírò rẹ̀. Ẹ má fi ti alẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ ṣe, sítétímẹ́ńtì ni kí ẹ wò.

Ọ̀dọ́ Ìmọ̀:
Kí ẹ yí orílẹ̀-èdè àkáǹtì yín padà sí Tọ́kì. Géèmù pọ́ọ́kú ló wà níbẹ̀.

Ọmọ Òkèsà:
Ìyẹn ti di àtijọ́. Láti November 2023 ni Steam ti yí Tọ́kì àti Ajẹntínà sí dọ́là. Àdéhùn Steam sì kọ̀ ọ́ pé kéèyàn parọ́ ibi tó ń gbé, wọ́n lè ti àkáǹtì rẹ pa pẹ̀lú gbogbo géèmù inú rẹ̀.

Ọmọ Mayfair:
Mà, ti àbúrò mi ńkọ́? Ṣé kó dúró de náírà?

Ìyá Káfè Lágere:
Kó má dúró. Tí ẹ̀dínwó bá lọ, géèmù yẹn á padà sí 29.99. Kí iye náírà tó máa san nígbà náà tó bá tòní dọ́gba, àfi kí dọ́là já láti ₦1,590 sí nǹkan bí ₦795. Kò sí ẹni tó lè fi ìyẹn dá ọ lójú.

Kò sì nílò káàdì mìíràn. Káàdì tìrẹ ni kẹ́ ẹ lò, kí dọ́là 2 ìṣíkáàdì yẹn má wáyé lẹ́ẹ̀kejì. Dọ́là 13 péré ni kẹ́ ẹ rọ kún èyí tó wà nílẹ̀, á jẹ́ 15.01. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wo iye tí Steam kọ sójú ìwé ìsanwó kẹ́ ẹ tó rọ ọ́, torí áàpù mìíràn ń gba ṣájì bí káàdì bá kọ̀ nítorí owó tí kò tó.

Ṣájì dọ́là 1 yẹn kì í dín kù bó ti wù kí géèmù kéré tó. Lórí géèmù dọ́là 4.99, ìdá kan nínú márùn-ún ni. Lórí 59.99, kò tó ìdá kan nínú àádọ́ta. Nítorí náà bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ̀yin méjèèjì á tún ra kéékèèké, ẹ kó wọn jọ, kẹ́ ẹ rọ owó lẹ́ẹ̀kan.

Alátùn-ún-ṣe Ìsọ̀kun:
Bí géèmù yẹn kò bá ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ọmọ náà ńkọ́?

Ìyá Káfè Lágere:
Steam máa ń dá owó padà bí kò bá tíì ju ọjọ́ 14 lọ tó rà á, tí kò sì tíì gbá géèmù náà tó wákàtí 2. Dọ́là ni wọ́n á dá padà, ṣájì kò ní bá a wá. Bó bá ṣì máa ra géèmù mìíràn, kó ní kí wọ́n dá a sínú Steam Wallet, àpò owó inú àkáǹtì Steam rẹ̀. Bó bá padà sínú káàdì, tó sì fẹ́ sọ ọ́ di náírà, iye tí áàpù fi ń ra dọ́là máa ń kéré sí iye tí wọ́n fi ń tà á.

Ọmọ Iléṣà:
Tèmi yàtọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Amẹ́ríkà ló máa ń rà á fún mi, mo sì ń san náírà fún màmá wa níbí. Ó ní iye ìta ni kí n fi san án. Mo ní iye báńkì ni. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń dá wàhálà sílẹ̀ láàárín wa.

Ìyá Káfè Lágere:
Ká ní dọ́là yẹn ló fi ránṣẹ́ sí màmá yín fúnra rẹ̀, iye náírà tí ìyá á gbà ni kí o san. Bó o bá san kéré sí i, ìyá ló ń pàdánù.

Alátùn-ún-ṣe Ìsọ̀kun:
Mi ò gbà, mà. Bí ọmọ yìí bá lo káàdì báńkì rẹ̀, iye báńkì ni yóò san. Kí ló dé tí yóò fi san jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló rà á?

Ọmọ Iléṣà:
Báńkì mi kò tíì ṣí tèmi fún òkèèrè, sà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pe ẹ̀gbọ́n mi.