Ẹ gbà mí o: wọ́n fagi lé ìṣirò àdírẹ́sì péèjì tí mo ṣe, mi ò sì mọ ibi tí mo ti ṣì í

Àṣàkẹ́
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú ẹgbẹ́ yìí. Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ni mo fi ń kọ èyí. A ṣe ìdánwò kékeré lọ́sẹ̀ tó kọjá nínú kíláàsì tí fáànù rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, èmi tí mo sì fi òru mẹ́ta kàwé gba 2 nínú 10, nígbà tí ẹni tó jókòó tì mí, tí kì í wá sí kíláàsì, gba 8. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ní kí a yí àdírẹ́sì fẹ́ṣúà 9000, èyí tí ètò ń lò, padà sí àdírẹ́sì físíkà, ìyẹn ibi tí nǹkan wà gan-an nínú mẹ́mórì. Mo fi 4096, tí mo mọ̀ sí iye báìtì inú péèjì kan, pín 9000, mo rí 2, ó ku 808. Tábìlì péèjì, tó ń sọ fíréèmù tí péèjì kọ̀ọ̀kan wà nínú mẹ́mórì, fi hàn pé inú fíréèmù 6 ni péèjì 2 wà, nítorí náà mo sọ 4096 di ìlọ́po 6, mo fi 808 kún un, ó sì di 25384. Wọ́n fi bírò pupa fagi lé e. Èkejì ló dùn mí jù: àdírẹ́sì 12000 ni, mo rí 28384, olùkọ́ sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé kò sí àdírẹ́sì kankan. Ṣé ìṣirò wà tí kì í ní ìdáhùn ni? Ṣé kí n gbé ẹjọ́ yìí lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀ka wa?

Lékan
O kò ṣì í rárá, àbúrò mi. 4096 ni péèjì níbi gbogbo. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lórí kọ̀ǹpútà mi báyìí:

```
$ getconf PAGESIZE
4096
```

Tẹ èyí jáde, kí o mú un lọ bá a.

Bọ̀dá Délé
Lékan, má sọ ọmọ ọlọ́mọ sí wàhálà. Àṣẹ kan náà, bí mo bá tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà Apple M1 mi, 16384 ló ń sọ fún mi. Mo kọ ètò kan nígbà kan tí mo fi 4096 sínú rẹ̀ gbọnyin, ó ṣiṣẹ́ dáadáa lórí Intel, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e dé orí ẹ̀rọ tuntun yìí, kò gbà. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi wá àṣìṣe náà kiri kí n tó mọ̀ pé èmi ni mo fọwọ́ ara mi gbé e síbẹ̀.

Ìyá Wúrà
Ẹ jọ̀wọ́, ṣé péèjì yìí náà ni wọ́n ní ó ń da kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù mi láàmú? Gígábáìtì 2 péré ni mẹ́mórì rẹ̀. Bí mo bá ṣí nǹkan mẹ́ta pọ̀, yóò dúró gbagidi, iná díìsìkì á sì máa tàn láìsinmi.

Tìsà Àgbà
Òun náà ni, Ìyá Wúrà, mo ń padà bọ̀ sórí tiyín. Àṣàkẹ́, ìwọ lo fi ohun tó ṣe pàtàkì jù sílẹ̀, o wá ń ròyìn fáànù. Báìtì mélòó ni ìbéèrè náà sọ pé ó wà nínú péèjì kan? Ìlà mélòó ni tábìlì náà ní, báwo sì ni mẹ́mórì ṣe tóbi tó? Láìsí nǹkan wọ̀nyí, ẹnikẹ́ni tó bá ní o gbà á tàbí o kùnà ń méfò ni.

Àṣàkẹ́
Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n Lékan, ẹ̀yin nìkan lẹ gbọ́ mi yé. Tìsà, wọ́n kọ ọ́ sí òkè ìwé ìbéèrè pé báìtì 1024 ni péèjì kan, pé kílóbáìtì 8 ni mẹ́mórì, tábìlì náà sì ní ìlà 16. Àpẹẹrẹ lásán ni mo rò pé ó jẹ́, nítorí olùkọ́ fúnra rẹ̀ ló sọ ní kíláàsì pé 4096 ni Linux ń lò. Ìlà mẹ́rin àkọ́kọ́ nìkan ni mo lò nínú tábìlì náà, torí wọ́n tó mi.

Tìsà Àgbà
Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Kílóbáìtì 8 jẹ́ báìtì 8192, àdírẹ́sì tó kẹ́yìn nínú rẹ̀ sì ni 8191. O wá gbé 25384 kalẹ̀ fún wa, èyí tó kọjá gbogbo mẹ́mórì náà ní ìlọ́po mẹ́ta. Ìdáhùn rẹ fúnra rẹ̀ ti ń pariwo pé nǹkan kò tọ́.

Jẹ́ ká tún un ṣe. Ẹ̀rọ kì í pín ohunkóhun, ńṣe ló ń gé àdírẹ́sì sí méjì. Níwọ̀n bí 1024 ti jẹ́ 2 ní ọ̀nà 10, bíìtì 10 tó wà lápá ọ̀tún ni ọ́fúsẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń sọ bí báìtì náà ṣe jìn tó sí ìbẹ̀rẹ̀ péèjì. Bíìtì 4 tó kù lápá òsì ni nọ́ńbà péèjì, ìdí nìyẹn tí tábìlì fi ní ìlà 16. Nínú 9000, nọ́ńbà péèjì yẹn jẹ́ 8. Kí ni ìlà 8 sọ?

Àṣàkẹ́
Ó ní fíréèmù 3, bíìtì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ 1.

Tìsà Àgbà
Ó dára, 1 yẹn ń sọ pé péèjì náà wà nínú mẹ́mórì. Mú nọ́ńbà péèjì kúrò, fi nọ́ńbà fíréèmù rọ́pò rẹ̀, má sì fọwọ́ kan ọ́fúsẹ́ẹ̀tì:

```
9000 = 1000 1100101000
3880 =  011 1100101000
```

Ìyẹn ni 1024 ní ìlọ́po 3, tí a fi 808 kún. 3880 ni ìdáhùn.

Lékan
Ẹ dúró ná. 808 ni òun náà rí. Ó ti mọ ọ́fúsẹ́ẹ̀tì nìyẹn, ó yẹ kí wọ́n fún un ní ìdajì máàkì.

Tìsà Àgbà
Ó ṣe kòńgẹ́ ni. Bíìtì méjì tó yẹ kí ó wà nínú nọ́ńbà péèjì, tí òun kó mọ́ ọ́fúsẹ́ẹ̀tì, jẹ́ 0 méjèèjì nínú 9000, wọn kò sì fi nǹkan kan kún un. Ẹ wo 12000: bí a bá fi 1024 pín in, 736 ló kù, bí a bá fi 4096 pín in, 3808 ni.

Lékan
Ẹni tó bá rí 808 ti rí 808. Èmi kò gbà.

Àṣàkẹ́
Ẹ̀gbọ́n Lékan sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n 12000 wá ńkọ́? Péèjì 11 ni báyìí. Mo wo ìlà 11, fíréèmù 5 ni wọ́n kọ síbẹ̀, àmọ́ bíìtì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 0. Ṣé n kò lè lo 5 yẹn ni?

Tìsà Àgbà
O kò lè lò ó. Bí bíìtì yẹn bá ti jẹ́ 0, ẹ̀rọ kò ní ka ohun tí wọ́n kọ sí iwájú rẹ̀ sí, ó lè jẹ́ pé péèjì mìíràn ti gba fíréèmù 5. Yóò dá iṣẹ́ dúró, yóò sì ké sí ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Péèjì fọ́ọ̀tì nìyẹn. Ìyá Wúrà, tiyín rèé: mẹ́mórì yín kéré, ètò ìṣiṣẹ́ náà ń kó péèjì lọ sí díìsìkì, ó ń sọ bíìtì wọn di 0, kò sì pẹ́ tí ẹ ó tún fi béèrè wọn. Ìrìn-àjò yẹn ni iná díìsìkì ń jẹ́rìí sí.

Bọ̀dá Délé
Àmọ́ Tìsà, ó tún lè jẹ́ pé ètò tó béèrè àdírẹ́sì náà kò ní péèjì 11 rárá. Ti ìyẹn, Linux á kàn pa ètò náà ni.

Tìsà Àgbà
Òótọ́ ni, ìbéèrè náà kò sì sọ èwo ni. Yálà ó wà ní díìsìkì tàbí kò sí níbì kankan, kò sí àdírẹ́sì físíkà tí a lè kọ sílẹ̀ ní àkókò yẹn.

Ìyá Wúrà
Ṣé kí n ra mẹ́mórì kún un nìyẹn?

Àṣàkẹ́
Ẹ jọ̀wọ́, ó ku ìkẹta tí mi ò dárúkọ. 6500 ni. Mo ti gé e báyìí: péèjì 6, ó ku 356. Ìlà 6 ní fíréèmù 0, bíìtì rẹ̀ jẹ́ 1. Ṣé òun náà kò ní ìdáhùn ni?

Tìsà Àgbà
Ó ní. Bíìtì ni kí o wò. Fíréèmù 0 ni fíréèmù àkọ́kọ́ nínú mẹ́mórì, kì í ṣe òfìfo. 356 ni ìdáhùn rẹ.

Àṣàkẹ́
Háà. Òfìfo ni mo kọ síbẹ̀.