Ọjọ́ kan péré ni mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ ọ̀gá mi

Adùkẹ́ Gànmọ̀
Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Èmi ni mo ń bójú tó ìwé owó ní ilé-iṣẹ́ kan tí ó ń ṣe oúnjẹ adìyẹ níhìn-ín ní Ìlọrin, mo sì gbọ́dọ̀ lọ sí Èkó láìpẹ́ lọ tẹ̀ka fún físà. Ọjọ́ kan péré ni mo fẹ́ tọrọ, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí mo lè sọ tí ọ̀gá mi kò ní í rò pé mo fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Láti ìgbà tí ọmọkùnrin tí ó ń ṣọ́ sítọ́ọ̀ ti já pa láìdágbére, tí ó tún gbé kọ́kọ́rọ́ lọ, ọkàn ọ̀gá kò balẹ̀ sí ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹni tí ó bá wọ kóòtù wá síbi iṣẹ́, yóò bi í bóyá wọ́n pè é fún iṣẹ́ níbòmíràn. Bí a bá pẹ́ díẹ̀ láàárọ̀, yóò yọ ọ́ nínú owó wa, bẹ́ẹ̀ owó oṣù a máa pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, kò sì sí ẹni tí ó ń yọ tirẹ̀. Iṣẹ́ ọmọkùnrin yẹn ti di tèmi báyìí, kò sì fi kọ́bọ̀ kún owó mi. Ẹ jọ̀ọ́, irọ́ wo ni ó lè dúró níwájú irú ọ̀gá báyìí?

Bọ̀dé Òmù-Àrán
Sọ pé ara rẹ kò yá. Fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, kí o sì pa fóònù rẹ. Òfin ilẹ̀ wa fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ 12 fún àìsàn lọ́dún, pẹ̀lú owó. Kò sí ohun tí ó lè fi ọ́ ṣe.

Ìyá Ìbejì Tánkẹ́
Bọ̀dé, òfin tí o sọ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n o gé e kúrú. Òfin Iṣẹ́ sọ pé dókítà tí ó forúkọ sílẹ̀ ní láti jẹ́rìí sí àìsàn náà kí owó ọjọ́ wọ̀nyẹn tó tọ́ sí ènìyàn. Ṣé ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ó ti lọ ra ìwé irọ́ ni? Yàtọ̀ sí èyí, àwọn tí ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé ni òfin yẹn ń sọ̀rọ̀ nípa wọn, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n sọ pé ẹni tí ó wà nípò Adùkẹ́ kò sí lára wọn. Ìwé tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́ ni kí ó kọ́kọ́ wò.

Adùkẹ́, mo ti jókòó sí ọ́fíìsì tí ń bójú tó òṣìṣẹ́ fún ọdún púpọ̀, ohun tí mo sì rí ni pé àwáwí ni ó máa ń ta ọ̀gá lólobó, kì í ṣe ìsinmi fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní àìsàn ni wọn yóò bi léèrè ara, ẹni tí ó bá ní òkú ni wọn yóò bi ní ọjọ́ ìsìnkú. Ìsinmi ọdọọdún ti jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ, kò sì béèrè ìdí. Ṣé ó ṣẹ́ kù? Físà orílẹ̀-èdè wo ni, aago mélòó sì ni wọ́n fún ọ?

Àáfà Òkèlèlè
Ìwọ tí o ń béèrè irọ́ tí ó lè dúró, ṣé o rò pé irọ́ ń dúró ni? Ọkùnrin yẹn ni ó ń bọ́ ọ. Àwọn ọmọ òde òní kò mọ oore mọ́.

Adùkẹ́ Gànmọ̀
Àáfà, mo gbọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń bọ́ mi ni mo ń bá ṣe iṣẹ́ ẹni méjì. Ẹ̀yin Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun. Ìlú Ọba ni. Ọjọ́ 15 ni ìsinmi wa lọ́dún, ó ku ọjọ́ 4 nínú tèmi. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ Mọ́ńdè ni wọ́n fún mi ní Ìkẹjà.

Olùkọ́ Ọ̀fà
Lọ́dọ̀ tiwa tí a jẹ́ olùkọ́ ìjọba, ẹni tí ìsinmi rẹ̀ bá ti tán ṣì lè tọrọ àyè ọjọ́ díẹ̀ fún ọ̀rọ̀ kánjúkánjú. Nígbà tí mo fẹ́ lọ sí Ábújá fún irú nǹkan báyìí, ọ̀gá ilé-ìwé buwọ́ lù ú, ọ̀gá àgbà ní ìjọba ìbílẹ̀ buwọ́ lù ú, ọ̀nà Lọ́kọ́ja ni mo sì gbà, nítorí pé ọ̀nà Mọ́kwá ti bàjẹ́ kọjá sísọ nígbà náà. Má gba ọ̀nà Mọ́kwá o.

Bọ̀dé Òmù-Àrán
Olùkọ́, Èkó ló ń lọ, kì í sì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba.

Ìyá Ìbejì Tánkẹ́
Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Láti Ìlọrin gba Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìbàdàn dé Èkó tó nǹkan bí 300 kìlómítà, a sì lè lo odindi ọjọ́ lójú ọ̀nà bí mọ́tò bá há. Nítorí náà, Sọ́ńdè ni yóò gbéra, kí ó sùn sí Ìkẹjà tàbí ibi tí kò jìnnà sí i. Bí wọ́n bá fún un ní aago mẹ́wàá, ó lè di ọ̀sán kí ó tó jáde, nítorí pé wọn yóò yẹ ìwé wò, wọn yóò gba ìka, wọn yóò sì ya àwòrán ojú. Ẹni tí ó bá wá wọ mọ́tò ní aago méjì, òru ni yóò bá a lójú ọ̀nà. Ọjọ́ 2 ni kí ó tọrọ, Mọ́ńdè àti Túsìdeè. Ẹni tí ó tọrọ ọjọ́ kan, tí kò sì dé ní ọjọ́ kejì, òun gan-an ni ọ̀gá yóò rò pé ó ti lọ.

Kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ó má sì gùn: “Mo tọrọ ọjọ́ 2 nínú ìsinmi ọdọọdún mi, Mọ́ńdè àti Túsìdeè, láti bójú tó ọ̀rọ̀ ara ẹni kan tí a ti dá ọjọ́ sí ní ìta Ìlọrin. N óò ti parí àkọsílẹ̀ títà ọ̀sẹ̀ yìí ní Fúráídè, mo sì ti bá ẹni tí yóò máa gba rìsíìtì sọ̀rọ̀. N óò dé síbi iṣẹ́ ní Wẹ́sídeè.” Kí ó dárúkọ ẹni tí yóò di ipò rẹ̀ mú níbẹ̀, òun ni ó ṣe pàtàkì jù. Bí ọ̀gá bá bi í ní ẹnu, kí ó ní ọ̀rọ̀ ara ẹni ni, kí ó sì dákẹ́.

Bọ̀dé Òmù-Àrán
Ọkọ̀ òru wà. Mo ti wọ̀ ọ́ rí, kò sí ohun tí ó ṣe mí.

Ẹ̀gbọ́n Lárí Ọ̀rọ̀
Ẹ dúró ná. Ẹ ti lọ jìnnà, a kò sì tíì mọ irú físà tí ó jẹ́. Wọ́n fi físà ìbẹ̀wò dù mí rí nítorí pé ìwé ibi iṣẹ́ mi kò sí níbẹ̀. Adùkẹ́, ṣé ìwé ẹ̀kọ́ ni, iṣẹ́ ni, tàbí ìbẹ̀wò?

Adùkẹ́ Gànmọ̀
Ìbẹ̀wò ni. Àǹtí mi yóò bímọ lọ́hùn-ún ní oṣù kìíní, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fẹ́ lò kí n tó padà. Ẹ kò bi mí tẹ́lẹ̀ ni n kò ṣe sọ. Ní ti ìwé ibi iṣẹ́, ájẹ́ńtì mi ti ní kí n má ṣèyọnu. Mo fún un ní lẹ́tà kan tí ilé-iṣẹ́ wa kọ sí báńkì lọ́dún tó kọjá, ó ní òun yóò mú orí ìwé tí orúkọ ilé-iṣẹ́ wà láti inú rẹ̀, òun yóò sì kọ ohun tí ó yẹ sábẹ́ rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì Tánkẹ́
Adùkẹ́, ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìsinmi kọ́ nìyí mọ́. Àwọn tí ń ṣe físà Ìlú Ọba lè pe ilé-iṣẹ́ rẹ láti béèrè bóyá àwọn ni wọ́n kọ ìwé náà. Ọ̀gá tí o ń sá fún yìí ni yóò gbé fóònù. Bí ó bá ní òun kò mọ̀ ọ́n, wọn yóò kà á sí ẹ̀tàn, ìjìyà rẹ̀ sì ni pé wọ́n lè dá ènìyàn dúró fún ọdún 10, orúkọ rẹ ni yóò wà níbẹ̀, kì í ṣe ti ájẹ́ńtì.

Àti pé, fún ẹni tí ń lọ ṣe ìbẹ̀wò, iṣẹ́ rẹ ni ẹ̀rí tí ó tóbi jù pé wàá padà. Ìwé tòótọ́ tí ọ̀gá bá buwọ́ lù ni kí ó sọ ipò rẹ, ọdún tí o bẹ̀rẹ̀, owó oṣù rẹ, ọjọ́ tí ó fún ọ ní ìsinmi àti ọjọ́ tí ó ń retí rẹ padà. Kí owó oṣù tí ó kọ sì bá ohun tí ó ń wọlé sí báńkì rẹ mu. Ohun tí a ti ń kọ́ ọ láti bò mọ́lẹ̀ ni ó yẹ kí o fi hàn.

Àáfà Òkèlèlè
Ṣé ẹ gbà á gbọ́ pé yóò padà? Mo kàn béèrè ni.

Adùkẹ́ Gànmọ̀
Ọmọ mi méjèèjì wà níhìn-ín pẹ̀lú ìyá mi, Àáfà. Ṣùgbọ́n bí mo bá bèèrè ìwé yẹn lọ́wọ́ ọ̀gá, ó ti tán nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n Lárí Ọ̀rọ̀
Ó lè tán, ó sì lè má tán. Ọ̀gá tèmi kọ̀ nígbà àkọ́kọ́. Nígbà tí mo gbé ọjọ́ tí n óò padà sínú ìwé ìtọrọ ìsinmi, tí mo sì ní kí wọ́n di owó ìsinmi mi mú títí n óò fi dé, ó buwọ́ lù ú. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ wádìí bóyá ájẹ́ńtì ti gbé ìwé irọ́ yẹn sórí ìkànnì.

Adùkẹ́ Gànmọ̀
Mo ti pè é. Ó ní ìwé báńkì nìkan ni òun tíì gbé sókè, ṣùgbọ́n kò fún mi ní ọ̀rọ̀ ìwọlé. Ímeèlì tirẹ̀ ni ó lò.

Ìyá Ìbejì Tánkẹ́
Má tẹ̀ka kí o tó fi ojú ara rẹ rí ohun tí ó wà níbẹ̀. Bí ó bá kọ̀ jálẹ̀, mú un kí ó fagi lé ìbéèrè náà. Bí a bá fagi lé e kí a tó tẹ̀ka, owó físà a máa padà. Owó tí o san fún ájẹ́ńtì ni n kò lè ṣèlérí.

Adùkẹ́ Gànmọ̀
N óò lọ bá a ní Taiwo Road ní àárọ̀ ọ̀la. Ó ku ọjọ́ 4 nínú ìsinmi mi, ti ọdún tuntun sì jẹ́ ọjọ́ 15. Kí n kọ́kọ́ tọrọ ọjọ́ 2 ti Èkó, kí n tó wá sọ ti oṣù kìíní, àbí kí n sọ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà?

Bọ̀dé Òmù-Àrán
Ọjọ́ 2 lákọ̀ọ́kọ́. Bí ó bá ti buwọ́ lù ú, ìyókù rọrùn.

Ìyá Ìbejì Tánkẹ́
Méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, nínú ìwé kan. Bí o bá gba Mọ́ńdè yẹn láìsọ nǹkan, tí o wá bèèrè ìwé físà ní ọ̀sẹ̀ kejì, yóò mọ ibi tí o lọ. Kọ ọjọ́ 2 ti Èkó sókè, fi ọjọ́ 15 ti oṣù kìíní sí abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ ìpadàbọ̀, kí o sì bèèrè lẹ́tà náà ní ìlà tí ó kẹ́yìn. Bí kò bá gbà, sún ọjọ́ ìtẹ̀ka síwájú, kí o tún bá a sọ̀rọ̀.

Bọ̀dé Òmù-Àrán
Mo ṣì sọ pé ọjọ́ 2 lákọ̀ọ́kọ́.